Kì í Ṣe Àga Ni Ìwé Ìjọba Ń Wí: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Àdúgbò Wa Sọ Lórí Onígbáméjì

(Ìpàdé onílé àti ayálégbé àdúgbò wa, nítòsí odò Kúdẹtì ní Ìbàdàn, ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tí kò ráyè wá ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́, àfi ibi tí ariwo jẹnẹrétọ̀ ti bò mí lóhùn tí mo ní láti tún un sọ.)

Baba wa Mọ́gàjí, mo kúnlẹ̀ kí yín, kí ẹ̀mí yín ó gùn. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ onílé, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ìyálọ́jà, ẹ kú ọjà, ẹ óò jèrè o. Bàbá Lèmọ́ọ̀mù, Bàbá Pásítọ̀, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ kú ọjọ́ ìsinmi. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ dúró sẹ́yìn nítorí pé àga kò kárí, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ àga gan-an ni mo bá wá síbí lónìí.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yẹn, ẹ ti rí àtẹ̀jíṣẹ́ tó wà lórí Wásáàpù àdúgbò wa. Akọ̀wé wa ló ní kí n wá ṣàlàyé rẹ̀ ní ṣókí, torí pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Mi ò ní pẹ́. Ohun mẹ́ta péré ni mo fẹ́ kí a mú kúrò níbí: bí a ṣe ń dá àrùn onígbáméjì mọ̀, bí a ṣe ń po omi tí a ó fún aláìsàn mu, àti omi tí àwa fúnra wa ń mu. Èyí tó wà láàárín ni mo máa pẹ́ lé lórí jù. Òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá wàhálà sílẹ̀ ládùúgbò yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ìwé náà ṣe dé orí fóònù wa. Ìjọba lẹ ìkéde mọ́ ara ògiri ní ilé ìwòsàn kékeré kan. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, wọ́n sì fi ọ̀rá dídán bò ó nítorí òjò. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa, ọmọ dáadáa ni, ó rí i, ó ní kí gbogbo àdúgbò ó mọ̀ sí i. Ó yọ fóònù, ó ya ìwé náà ní àwòrán. Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn ń tàn sí ara ọ̀rá yẹn, ó sì ń kọ mànà. Ó wá fi àwòrán náà sínú fóònù kí fóònù ó kà á, kí ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Fóònù kà á, ó túmọ̀ rẹ̀. Ó fi í ránṣẹ́ sí gbogbo wa. Mi ò bá a wí o. Òun ló gbìyànjú. Mélòó nínú wa ló gba ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn kọjá tí kò tilẹ̀ wo ojú ìwé náà?

Ṣùgbọ́n kí ni fóònù wá sọ? Mo kọ ọ́ sínú ìwé kékeré mi, ẹ jẹ́ kí n kà á. Ó ní: “Bí àga rẹ bá rí bí omi ìrẹsì, lọ sí ilé ìwòsàn kíá.” Ó tún ní: “Ẹ mu iyọ̀ ẹnu.” Ó tún ní: “Ẹ mú omi yín wá sí eéwo.” Ẹnì kan fèsì lórí Wásáàpù pé àga onírọ́bà ni tòun, kò lè rí bí omi ìrẹsì láéláé. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo ka ìlà tó tẹ̀ lé e ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi, a óò dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Àwọn àgbà ní bí òwe bí òwe là ń lu ìlù ògìdìgbó, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Fóònù kì í ṣe ọ̀mọ̀ràn. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí dókítà ń lò fún ìgbẹ́, òun náà ni káfíńtà ń lò fún àpótí ìjókòó. Èyí tí wọ́n ń lò fún omi tó ń hó, òun náà ni wọ́n ń pe eéwo tó sọ ní itan. Fóònù mú èyí tó wù ú.

Bí a ṣe ń dá a mọ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ forí jì mí, ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ni mo fẹ́ sọ, n kò sì ní í pọ́n ọn lé. Ohun tí ìwé ìjọba ń wí ni pé bí ìgbẹ́ ènìyàn bá dà bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Gbogbo ìyá tó wà níbí ló ti ṣan ìrẹsì rí. Ẹ rántí omi àkọ́kọ́ tí ẹ ń dà nù: ó funfun ráúráú, ó ṣú díẹ̀, àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ funfun a sì máa léfòó nínú rẹ̀. Bí ìgbẹ́ onígbáméjì ṣe ń rí nìyẹn. Kò ní àwọ̀ ìgbẹ́ mọ́. Kì í sábà ní ẹ̀jẹ̀. Inú lè má tilẹ̀ run aláìsàn náà púpọ̀, ìdí rèé tí àwọn kan fi ń rò pé kì í ṣe nǹkan ńlá. Ó kàn ń tú jáde ṣáá ni, bí ẹ̀rọ omi tí wọ́n gbàgbé láti ti. Èébì sì máa ń tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin àgbà mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní onígbáméjì: igbá kan fún èébì, igbá kejì fún ìgbẹ́.

Kí ló ń pa ènìyàn níbẹ̀? Ẹ fọkàn bá mi lọ síbí o. Kì í ṣe ìgbẹ́ náà ló ń pa ènìyàn, gbígbẹ ni. Kòkòrò onígbáméjì kì í jẹ ìfun. Ó máa ń tú májèlé kan sínú ìfun, májèlé yẹn á sì mú kí ìfun máa fa omi inú ara jáde. Àgbàlagbà tó bá mú dáadáa lè sọ omi tó líta kan nù láàárín wákàtí kan péré. Ọ̀rá omi méjì, èyí tí ẹ ń pè ní píọ̀ wọ́tà, ní wákàtí kan! Ẹni tó jẹun òwúrọ̀ tó sì ń rẹ́rìn-ín lè máà rí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bí a kò bá dá omi padà sí i lára. Ṣùgbọ́n tí a bá tètè dá omi náà padà, kò tó ẹnì 1 nínú 100 tó máa kú. Àárín ikú àti ìyè nínú àìsàn yìí, omi ló wà níbẹ̀, omi àti wákàtí mélòó kan.

Láti ìgbà tí kòkòrò náà bá ti wọnú títí di ìgbà tí ìgbẹ́ á bẹ̀rẹ̀, ó lè má ju wákàtí mélòó kan lọ, ó sì lè tó ọjọ́ márùn-ún. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá jẹ òkèlè níbi ìnáwó ní Sátidé tó sì dùbúlẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ẹ má ṣe sọ pé kò lè jẹ́ ibẹ̀ ló ti kó o. Ọ̀pọ̀ ẹni tó kó kòkòrò náà ni kì í tilẹ̀ ṣàìsàn rárá, wọ́n á máa rìn káàkiri, kòkòrò á sì máa bá ìgbẹ́ wọn jáde fún ọjọ́ mélòó kan. Bí ó ṣe ń ti ilé kan dé èkejì nìyẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ ẹni tó gbé e wá. Ẹ má jẹ́ kí a sọ àlejò ẹnikẹ́ni ní orúkọ burúkú lórí rẹ̀.

Ìdajì ṣíbí

Mo ti dé ibi tí mo ń lọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé ó dákẹ́ díẹ̀.

Ìlà tó mú ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi ni ibi tí fóònù ti sọ bí a ó ṣe po omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Lórí Wásáàpù wa, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé: omi líta 1, ṣúgà ṣíbí 6, iyọ̀ ṣíbí 1 tàbí 2.

Mo ní, hàá! Ta ló kọ èyí? Mo pe ọmọ wa. Mo ní, jọ̀ọ́, fi àwòrán yẹn hàn mí. Ó ṣí i. A jọ fẹ̀ ẹ́ títí ó fi kún ojú fóònù. Ohun tí mo rí nìyí: ìjọba kọ nọ́ńbà 1, wọ́n fa ìlà tó dagun, wọ́n wá kọ 2. Ìdajì nìyẹn, ½. Ìlà àárín yẹn gan-an ni ìtànṣán oòrùn jókòó lé. Ó fọ́ lójú, ìlà ti pòórá. Fóònù rí 1, ó rí 2, ó kà á sí 12: iyọ̀ ṣíbí 12! Ọmọ wa, nítorí pé ó gbọ́n, ó mọ̀ pé ṣíbí iyọ̀ 12 kò lè bọ́ sí i. Ó bá tún un ṣe. Ó ní bóyá wọ́n ní “1 tàbí 2” ni. Ẹ wò ó bí àṣìṣe ṣe ń rìn: oòrùn ṣe tirẹ̀, fóònù ṣe tirẹ̀, ọmọ ènìyàn fẹ́ tún un ṣe, ó sì mú kí irọ́ náà jọ òótọ́. Bí ó bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní 12, gbogbo ìyá ni ì bá ti mọ̀ pé nǹkan ti dàrú. “1 tàbí 2” ló léwu, torí ó ṣeé gbà gbọ́.

Ṣíbí méjì dípò ìdajì ṣíbí, ìlọ́po mẹ́rin nìyẹn. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Iyọ̀ tó pọ̀ jù lára ọmọdé á fa omi jáde láti inú ara rẹ̀ lọ́tun, pàápàá láti inú ọpọlọ. Òùngbẹ á máa gbẹ ọmọ náà síi, á máa ké, á máa gbọ̀n, gìrì sì lè mú un. Ìyá á rò pé àìsàn ló ń le sí i, á tún bu omi kan náà fún un.

Ó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò yìí. Mi ò ní dárúkọ ilé, ẹ má sì wo ojú ara yín. Ìyá àgbà kan ń tọ́jú ọmọ ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ọmọ náà ń yàgbẹ́ gbuuru láti ìdájí. Ìyá àgbà ní kí ọmọ ilé ka Wásáàpù fún òun, ó po omi náà bí wọ́n ṣe kà á. Ṣíbí méjì ló bù, ó sì bù ú ní òkìtì, nítorí pé “ìpele ṣíbí” ni fóònù kọ, ta sì ni yóò mọ̀ pé ṣíbí tí a rẹ́ orí rẹ̀ dọ́gba ni wọ́n ń sọ? Nígbà tí wọ́n fi máa pè mí, ọmọ náà ti ń fa ife mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ètè rẹ̀ gbẹ, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun. Mo tọ́ omi náà wò. Bí omi tí wọ́n fi se ẹran ni! Mo dà á nù sẹ́yìnkùlé.

Mo po òmíràn lójú wọn. Nígbà tí ọmọ náà bì í lẹ́ẹ̀kan, mo dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo wá ń fi ṣíbí bù ú sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, ṣíbí kan láàárín ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. A sì ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn bí a ti ń fún un, nítorí iyọ̀ tó ti mu ṣáájú. Ọmọ náà wà láyé, ó tilẹ̀ gba bọ́ọ̀lù kọjá níwájú mi lẹ́ẹ̀kan bí mo ṣe ń wọlé síbí. Kì í ṣe onígbáméjì ló ṣe é, ìgbẹ́ gbuuru lásán ni. Ohun tí a fẹ́ fi tọ́jú rẹ̀ ló fẹ́ ṣe é ní jàǹbá.

Kí wá ni ìwọ̀n tó pé? Ẹ bá mi wí i lẹ́yìn mi. Omi tó mọ́, líta kan. Ṣúgà, ṣíbí kékeré mẹ́fà. Iyọ̀, ìdajì ṣíbí kékeré. Ẹ tún un sọ. Iyọ̀ ńkọ́? (Gbogbo ìpàdé: ìdajì!) Ẹ tún un sọ. (Ìdajì!) Bàbá tó wà nínú mọ́tò níta, ẹ̀yin náà ńkọ́?

Báwo ni a ṣe máa mọ líta kan? Ẹ wo ara ọ̀rá omi tí ẹ ń rà. Bí wọ́n bá kọ 50cl sí i, ọ̀rá méjì ni líta kan. Àwọn kan wà tí wọ́n kọ 60cl sí lára. Ẹ má ṣe lo èyí bíi tàkọ́kọ́. Ṣíbí ńkọ́? Kì í ṣe ṣíbí ìjẹun, kì í ṣe ṣíbí ọbẹ̀. Ṣíbí tíì kékeré ni. Bí ṣíbí oògùn ọmọdé tí wọ́n kọ 5ml sí bá wà nílé, òun ló dára jù. Ẹ bu ṣúgà, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ rẹ́ orí rẹ̀ kó tẹ́jú. Ti iyọ̀, ẹ bù ú kún, ẹ rẹ́ orí rẹ̀, ẹ wá fi ẹnu ọ̀bẹ là á sí méjì láti orí dé ìdí, kí ẹ ti ìlàjì kan padà sínú agolo iyọ̀. Èyí tó kù ní ojú ṣíbí ni ẹ ó lò.

Kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni, ẹ fi ẹnu yín tọ́ ọ wò. Kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Gbogbo wa la ti sunkún rí, gbogbo wa la mọ bí omijé ṣe ń rí lẹ́nu. Bí ó bá níyọ̀ ju ìyẹn lọ, ẹ dà á nù, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ fi omi là á. Bí ẹ bá ṣe é tán, ẹ dé e. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rìnlélógún, ìyókù di ti ilẹ̀.

Ẹnì kan bi mí lánàá pé kí ni ṣúgà ń ṣe níbẹ̀, ṣé kí ọmọ lè gbà á mu ni? Rárá o. Ìfun tó ń ṣàìsàn kì í gba iyọ̀ wọlé dáadáa lóun nìkan. Ṣúgà àti iyọ̀ jọ ń gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé ni. Bí ṣúgà bá wà, iyọ̀ á bá a wọlé, omi á sì tẹ̀ lé wọn. Bí ẹ bá fún ọmọ ní omi lásán nìkan, èyí tó pọ̀ níbẹ̀ á tún bá ìgbẹ́ jáde. Bí ẹ bá sì da ṣúgà kún un títí tó fi dùn bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ṣúgà náà á fa omi sínú ìfun, ìgbẹ́ á pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí ọtí ẹlẹ́rìndòdò kò fi bá a mu.

Ní 1971, nígbà ogun Bangladesh, àwọn tó ń sá ogun kún àgọ́ ní Bangaon ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, onígbáméjì bá wọn níbẹ̀. Omi tí wọ́n ń fà sí ènìyàn lára tán. Dókítà kan tó ń jẹ́ Dilip Mahalanabis ní kí wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà sínú omi, kí wọ́n dà á sínú dúrọ́ọ̀mù ńlá, kí àwọn ará aláìsàn fúnra wọn máa bù ú fún wọn. Ṣáájú ìgbà náà, nǹkan bí 30 nínú 100 aláìsàn ló ń kú. Ó wálẹ̀ sí bíi 4. Iyọ̀ àti ṣúgà o! Ohun tó wà ní ilé ìdáná Ìyá Alákàrà.

“Iyọ̀ ẹnu” tí fóònù sọ, kì í ṣe pé kí ẹ máa lá iyọ̀. Oògùn inú ọ̀rá kékeré tí àwọn kẹ́mísì ń pè ní ó-áà-ẹ́ẹ̀sì ni. Bí ẹ bá rí i rà, ó sàn ju èyí tí a ń pò nílé lọ, nítorí àwọn nǹkan mìíràn tí ara ń sọ nù wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ti wọ̀n ọ́n tán. Ẹ ka ara ọ̀rá náà, èyí tó pọ̀ jù jẹ́ ti omi líta kan. Ẹ má pín in sí méjì nítorí ọ̀wọ́n.

Báwo la ṣe ń fún un? Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ife tíì dé ìdajì ife. Ọmọ ọdún méjì sí mẹ́wàá, ìdajì dé ife kan. Ẹni tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè mu ún tó bó bá ṣe fẹ́. Ọmọ ọmú, ẹ má já ọmú gbà lẹ́nu rẹ̀ o! Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan máa ń ní kí wọ́n dá ọmú dúró kí ìgbẹ́ lè dá. Oúnjẹ àti omi ni ọmú jẹ́ fún un. Ilé ìwòsàn á tún fún ọmọdé ní síǹkì tí yóò máa lò fún ọjọ́ 10 sí 14. Bí ìgbẹ́ bá dá ní ọjọ́ kẹta, ẹ má jáwọ́. Oògùn tí ń dí ìgbẹ́ pa, tí ẹ ń rà lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri, ẹ má fún ọmọdé rárá.

Omi tí a ń pò nílé yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹni tí kò lè mu mọ́, tàbí tó ń bì gbogbo rẹ̀, tàbí tó ń tòògbé tí a pè tí kò dáhùn, fífa omi sí i ní iṣan ló kù. Ẹ wo ojú rẹ̀ bóyá ó ti jìn sínú. Ẹ wo ọmọdé tó ń sunkún tí kò sí omijé. Ẹ wo oókan àtàrí ọmọ jòjòló, ibi tó máa ń mí, bóyá ó ti jó wọnú. Ẹ fi ìka méjì mú awọ ikùn, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá dúró bí aṣọ tí a ká kọ́ tí kò tètè padà, ẹ má ṣe jókòó mọ́. Bí ìgbẹ́ bá ti rí bí omi ìrẹsì, ẹ má tilẹ̀ dúró de gbogbo èyí. Adéọ̀yọ́ wà ní Yemẹtu, UCH wà. Ẹ máa fún un ní omi náà lójú ọ̀nà, kódà bí ẹ bá wà nínú mọ́tò tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ há mọ́ Bẹẹrẹ.

Omi tí a ń mu

A máa ń wí pé omi ò lọ́tàá. Kò lọ́tàá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń gbé ọ̀tá wálé. Ẹ̀yin onílé, mo bẹ̀ yín, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Kànga tó wà nínú agbolé wa, mélòó ló jìnnà sí ṣálángá? Ó yẹ kó tó 30 mítà, ìyẹn nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 100. Mo mọ̀ pé kò ṣeé ṣe ní ọ̀pọ̀ ilé ní àárín Ìbàdàn wa yìí, ilé kan gun orí èkejì. Nítorí náà mi ò ní í sọ pé kí ẹ gbẹ́ kànga mìíràn. Ẹ gbé ẹnu rẹ̀ ga, ẹ fi ìdérí sí i, ẹ jẹ́ kí ó ní okùn àti páànù kan ṣoṣo tí kì í kan ilẹ̀. Bí odò Kúdẹtì bá ti kún tó sì wọ agbolé, ẹ má mu omi kànga yẹn láìsè é, ì báà mọ́ lóló.

Sísè ni fóònù pè ní eéwo. Ẹ jẹ́ kí omi ó hó yaya, kí ó máa ru sókè fún ìṣẹ́jú kan gbáko, ó tó. Ẹ bò ó kí ó tutù nínú ìkòkò tí ẹ fi sè é. Ẹ sì gbọ́, álọ́ọ̀mù kì í pa kòkòrò o! Ó ń mú kí ẹrẹ̀ rọlẹ̀ ni. Omi á mọ́ lójú, kòkòrò á ṣì wà níbẹ̀.

Ọwọ́ fífọ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀ àti kí a tó fọwọ́ kan oúnjẹ, ẹ ti mọ̀ ọ́n, n kò ní í tún un sọ.

Ìwé mìíràn tí ẹ bá tún yà

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ dúró sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ yín kù. Ẹ má ṣe ṣíwọ́ yíya ìwé ìjọba fún wa, ọ̀pọ̀ wa kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ẹ fi ara yín bo oòrùn kí ẹ tó yà á, kí ẹ sì dúró gangan níwájú rẹ̀. Bí fóònù bá túmọ̀ rẹ̀ tán, ẹ fi ọwọ́ tọ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán àti nínú Yorùbá, kí ẹ rí i pé wọ́n bára mu, pàápàá ìdajì, ìdá mẹ́rin, àti ibi tí wọ́n bá ti sọ pé “ẹ má ṣe”. Kí ẹ tún gbé Yorùbá náà padà fún fóònù pé kó dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Bí ìgbẹ́ bá padà wá bí ohun ìjókòó, ẹ ó ti mọ̀. Ibi tí kò bá dá yín lójú, ẹ má fi ọgbọ́n orí dí i, ẹ fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí mi bó ṣe wà. Akọ̀wé ti pa èyí tó wà lórí Wásáàpù rẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi í ránṣẹ́ sí àwọn ará yín ní oko àti ní Èkó, ẹ pè wọ́n lónìí.

Ife mẹ́ta wà lórí tábìlì níwájú mi yìí. Mo po wọ́n kí n tó wá. Ti ọwọ́ ọ̀tún ni èyí tó péye, ti àárín jẹ́ omi lásán, ti òsì ni èyí tí Wásáàpù ní kí a pò. Ìyálọ́jà, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, ahọ́n yín ló mọ ọbẹ̀ jù. Ẹ mu ti ọwọ́ ọ̀tún. Ti òsì, ẹ má gbé e mì o, ẹ kàn fi ahọ́n kàn án, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ tọ́ wò fún ìpàdé.